Láti inú sikirípìtì kan sí fídíò kúkurú mẹ́rin: ìrírí mi lórí férémù ìbú àti férémù òró

Fídíò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí dá lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Abẹ́òkúta, láti orí ewé èlú títí dé orí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ síwájú ìsọ̀ ní ọjà Ìtokú. Ó gùn tó ìṣẹ́jú 18, férémù ìbú 16:9 ni a fi yà á fún YouTube, ohùn asọ̀tàn ló sì so apá kan mọ́ èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún wa fẹ́ kí a tún yọ fídíò kúkurú mẹ́rin jáde láti inú sikirípìtì kan náà, èyí tí yóò wà ní TikTok, ní Instagram, ní Facebook àti lórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé iṣẹ́ ẹni tó ń gé fídíò nìyẹn, pé kí ó wá ibi tó dùn, kí ó gé e, kí ó sì yí i sí òró. Lójú tèmi, orí ìwé ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà, nítorí pé nǹkan méjì ni kì í bá apá tí a gé jáde lọ: orúkọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún òun òsì àwòrán.

Òpó méjì ni sikirípìtì irú fídíò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní. Ohun tí etí yóò gbọ́ wà nínú ọ̀kan, ohun tí ojú yóò rí sì wà nínú èkejì. Mo fi òpó kẹta kún tèmi, níbi tí mo ti ń kọ férémù tí àwòrán kọ̀ọ̀kan lè wọ̀ láìpàdánù ohun tó mú wa yà á. Ìkòkò aró tí wọ́n tò sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ jẹ́ àwòrán ìbú, ẹ kò sì lè tò wọ́n sínú férémù òró láìjẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lọ dúró sí orí ìlà náà kí àwọn ìkòkò máa jìnnà síwájú yín. Aṣọ tí aláró fà jáde láti inú ìkòkò, tí omi sì ń ro láti ara rẹ̀, òró pátápátá ni. Ọwọ́ tó di ìyẹ́ adìẹ mú, tó ń fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sórí aṣọ funfun, lè wọ férémù èyíkéyìí bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọn dáadáa. Nígbà tí mo parí òpó kẹta yìí, mo rí i pé àwọn fídíò kúkurú náà ti ń yọ fúnra wọn. Níbi tí àwòrán òró bá ti tẹ̀lé ara wọn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì dá lórí nǹkan kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí fídíò kan wà níbẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dùn ṣùgbọ́n tí gbogbo àwòrán rẹ̀ jẹ́ ìbú, mo ní láti pinnu lórí ìwé bóyá a máa ya àwòrán mìíràn fún un, tàbí kí n fi í sílẹ̀ nínú fídíò gígùn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí òun ni ó máa ń ba fídíò kúkurú jẹ́ jù lọ ní èdè wa. Nínú fídíò gígùn, ẹni tó ń wò ó ti ń bá wa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí asọ̀tàn bá ní “ó ti wà nínú rẹ̀ láti àná”, onítọ̀hún mọ̀ pé ewé èlú ló wà nínú omi eérú. Gé gbólóhùn náà jáde, kí o gbé e fún ẹni tó ń fi àtàǹpàkò yí fóònù rẹ̀ nínú ọkọ̀, kò ní mọ̀ bóyá ènìyàn ni, tàbí aṣọ, tàbí ewé. “Ó” kan náà ni à ń lò fún gbogbo wọn. Nítorí náà, bí mo bá ti yan apá tí yóò di fídíò kúkurú, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ síta sórí bébà, n óò sì fi bírò yí gbogbo “ó”, “rẹ̀”, “wọn”, “náà”, “yẹn” àti “bí a ṣe sọ ṣáájú” ká. Èyí tí olúwa rẹ̀ kò bá sí nínú apá tí mo yàn gbọ́dọ̀ gba orúkọ. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe lẹ́yìn tí a bá ti gba ohùn sílẹ̀ tán, àfi kí a tún pe asọ̀tàn padà wá síwájú máìkì, pẹ̀lú ohùn ọjọ́ mìíràn tí kì í bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí fídíò kúkurú kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn sikirípìtì gígùn, kí asọ̀tàn lè kà wọ́n ní ìjókòó kan náà tó ka ti gígùn. Ìwé kan péré ló ń fi kún iṣẹ́ rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ti àwọ̀ aró. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ìkòkò èlú, kì í jọ aró rárá. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ fà sí ìyeyè ni ó máa ń ní. Èlú tó wà nínú omi eérú tó ti kan dáadáa yọ́ sínú omi náà, kò sì tíì di búlúù. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ní ìta ni ó ń yí padà, tí ó sì ń dì mọ́ inú òwú tí omi kò fi ní lè fọ̀ ọ́ kúrò bọ̀rọ̀. Nínú sikirípìtì gígùn, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà ni ìṣẹ́jú kọkànlá, lẹ́yìn tí a ti sọ nípa gígún ewé, ṣíṣù ú ní ìṣù, sísá a, sísẹ́ omi eérú, àti ìdúró fún ọjọ́ mélòó kan. Gbólóhùn tó wà níbẹ̀ lọ báyìí: “Lẹ́yìn tí ó bá ti wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọn yóò fà á jáde kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, nítorí pé afẹ́fẹ́ yìí gan-an ló ń sọ ọ́ di aró.” Gbólóhùn tó dára ni níbi tó wà. Ṣùgbọ́n bí a bá gé e bẹ́ẹ̀, “ó” àkọ́kọ́ kò ní olúwa, “rẹ̀” kò ní ìkòkò, ìdáhùn sì ti dé kí ojú tó rí ohun tó yani lẹ́nu.

Ohun tí mo kọ dípò rẹ̀ fún férémù òró nìyí:

“Aṣọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló ní. Ẹ má gbé ojú kúrò lára rẹ̀.” Lẹ́yìn èyí, ìdákẹ́jẹ́ títí tí igun òkè aṣọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. “Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kún un. Èlú inú omi kì í ní àwọ̀ aró. Afẹ́fẹ́ ló ń pa aṣọ yìí láró lójú yín.” Ìdákẹ́jẹ́ mìíràn. “Bí aláró bá fẹ́ kí ó dúdú ju báyìí lọ, yóò tún rì í bọ inú ìkòkò, yóò tún fà á jáde, títí ojú rẹ̀ á fi gbà á.”

Asọ̀tàn wa máa ń ka ọ̀rọ̀ bí 130 ní ìṣẹ́jú kan. Fídíò yìí gùn tó ìṣẹ́jú-àáyá 45, nítorí náà ààyè wà fún ọ̀rọ̀ tó lé ní 90, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ kò tó 75. Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún ojú. Nínú fídíò gígùn, ọ̀rọ̀ lè máa lọ lórí àwòrán tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìròyìn, kí ó sì dára. Nínú èyí tí kò tó ìṣẹ́jú kan, bí ọ̀rọ̀ àti àwòrán bá jọ ń sọ nǹkan ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan yóò pa èkejì.

Ohun kejì tí fídíò yìí béèrè ni pé a kò gbọ́dọ̀ gé e láàárín. Bí a bá fi aṣọ àwọ̀ ewé hàn, tí a gé, tí a sì fi aṣọ búlúù hàn, ẹni tó ń wò ó ní ẹ̀tọ́ láti rò pé aṣọ méjì ni. Ìyípadà náà sì gùn ju ìṣẹ́jú-àáyá 45 lọ. Nítorí náà, mo kọ ọ́ sínú òpó kejì pé kí kámẹ́rà dúró lójú kan láìmira láti ìgbà tí aṣọ bá ti yọ láti inú omi títí dé òpin. Nígbà tí a ń gé e, a jẹ́ kí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ àkọ́kọ́ rìn bó ṣe rìn gan-an, a mú àárín rẹ̀ yára, a sì kọ “a mú ibi yìí yára” sí igun òkè, kí a tó padà sí ìrìn tòótọ́.

Kámẹ́rà tún ní ìṣòro kan níbẹ̀ tí ẹni tí kò bá tíì ya aró rí lè má fura sí. Kámẹ́rà àti fóònù máa ń tún àwọ̀ tò fúnra wọn, gẹ́gẹ́ bí ohun tó pọ̀ jù níwájú wọn. Nínú férémù ìbú, ògiri, ilẹ̀ àti ènìyàn yí aṣọ náà ká, wọ́n sì ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ ohun tó jẹ́ funfun. Nínú férémù òró, aṣọ ló gba gbogbo ojú àwòrán. Bí ó bá ti ń di búlúù, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló di búlúù, yóò sì máa da àwọ̀ pupa díẹ̀díẹ̀ sí i láti fi tún un ṣe, tí aró á fi dà bí eérú tútù. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ni pé kí ẹ wo ògiri tó wà lẹ́yìn aṣọ náà. Bí ògiri bá ń pọ́n bí aṣọ ṣe ń dúdú, kámẹ́rà ló ń ṣe é. Ẹ má fi ọwọ́ aláró ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ọwọ́ tiwọn ti gba aró láti ọjọ́ pípẹ́. A máa ń fi bébà funfun kan síwájú kámẹ́rà, a ó ṣètò àwọ̀ rẹ̀ lórí bébà náà, a ó sì tì í pa kí aṣọ tó jáde, àti àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ àwòrán kan wá kù, ìṣirò díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá ya fídíò sí 1920×1080, tí a sì fẹ́ gé òró 9:16 jáde láti inú rẹ̀ láìdín gíga kù, ohun tí a ó rí ní fífẹ̀ jẹ́ nǹkan bí píksẹ́lì 607. Èyí kò tó ìdá mẹ́ta àwòrán náà. Fóònù yóò sì fẹ́ kí ó fẹ̀ tó 1080, èyí tó túmọ̀ sí pé a ó nà án fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, òwú aṣọ àti etí iṣẹ́ ẹ̀kọ kò sì ní hàn kedere mọ́. Bí a bá ya á sí 3840×2160, ìlà àárín kan náà yóò fẹ̀ tó 1215, èyí tó tó láìnà án rárá. Fún ìdí yìí, 3840×2160 ni a fi ya gbogbo ohun tí mo kọ òró sí nínú òpó kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1920×1080 ni fídíò gígùn jáde sí. Ṣùgbọ́n píksẹ́lì tó pọ̀ kò dá ẹ̀gbẹ́ tó sọnù padà. Ohun tó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwòrán ṣì ń lọ, bóyá kámẹ́rà wa wọ́n tàbí kò wọ́n. A lẹ téèpù bébà méjì mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré tí a fi ń wo àwòrán, láti fi ibi tí ìlà àárín náà dé hàn, kí ẹni tó di kámẹ́rà mú lè máa rí férémù méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Àwọn kámẹ́rà kan ní ìlà irú bẹ́ẹ̀ nínú ara wọn, ṣùgbọ́n téèpù ò náni ju owó díẹ̀ lọ, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló sì lè rí i.

Ibi tí èyí ti le jù ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìyá aláró àti ọmọ wọn obìnrin jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ìyá sọ gbólóhùn kan, ọmọ parí rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Nínú férémù ìbú, ó dùn ún wò. Nínú òró, ààyè òfìfo tó wà láàárín wọn ló bọ́ sí ìlà àárín, tí ènìyàn á fi máa wo ògiri. A lè gbé férémù lọ bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí a tún gbé e padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, ojú á rẹni. A lè fi ọ̀kan sí òkè, kí a fi èkejì sí ìsàlẹ̀, bí férémù ọgbọọgba méjì tó kéré díẹ̀. Èyí dára bí ó bá jẹ́ pé ìjiyàn ni. Ohun tí mo yàn ní tiwa ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo sọ ọ̀rọ̀ tí yóò wọ fídíò kúkurú, kí ó sì sọ ọ́ ní odidi.

Odidi yẹn ló fa àwàdà díẹ̀. Nígbà tí a bi ìyá pé kí ló dé tí wọ́n fi ń lo ìyẹ́ adìẹ, wọ́n ní, “Torí pé ó rọ̀.” Èsì tó pé ni, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró. Mo bẹ̀ wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ bá wa fi orúkọ ohun tí a béèrè sínú èsì yín.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ṣé ẹ̀yin tí ẹ béèrè ò gbọ́ ohun tí ẹ béèrè ni?” Lẹ́yìn tí a ṣàlàyé pé a ó yọ ohùn tiwa kúrò, wọ́n gbà, wọ́n sì sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ: “Ìyẹ́ adìẹ la fi ń ya iṣẹ́, torí pé ó rọ̀, ó ń gba ẹ̀kọ dáadáa, kì í ha aṣọ.” Gbólóhùn yìí kan ṣoṣo ló gbé fídíò kejì dúró. Kò sí ohùn asọ̀tàn nínú rẹ̀ rárá, ọwọ́ àti ìyẹ́ nìkan ni àwòrán rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ èsì tí mo ń retí sínú sikirípìtì ní ọ̀nà tó fi lè dá dúró, kì í ṣe kí ẹnì kan lè há a sórí, bí kò ṣe kí n lè mọ ìgbà tí èsì tó jáde kò tíì pé.

Fídíò kẹta dá lórí iṣẹ́ ara aṣọ, ó sì kọ férémù òró pátápátá. Àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ni a yàn, èyí tí àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1929. Apá ọgbọọgba tí wọ́n pín tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n fi ń to àdìrẹ yìí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì máa ń wà nínú kálukú wọn. Bí a bá fi aṣọ odidi sínú òró, ìlà tínínrín kan ni ojú á rí nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ bí iṣẹ́ náà ṣe tò. Ṣùgbọ́n apá Mápó fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1:1 bí ẹni tó ya iṣẹ́ náà ṣe pín in. Nítorí náà, 1:1 ni mo kọ sí òpó kẹta, fún Facebook, mo sì kọ sikirípìtì rẹ̀ bí ẹni tó ń ka àmì kan lẹ́yìn òmíràn, láti òpó gbọ̀ngàn dé ara ṣíbí tí wọ́n yà sáàárín àwọn òpó, títí dé àwọn apá mìíràn, tí ojú á máa bọ́ láti inú apá kan sínú òmíràn. Fún Instagram, a fẹ̀ ẹ́ sí 4:5, 1080×1350, kí ó lè gba ààyè díẹ̀ sí i lójú fóònù, a sì fi ààyè tó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí. Ohun kan tó yẹ kí a mọ̀ ni pé láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2024, YouTube ń ka fídíò ọgbọọgba tàbí ti òró tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ sí Shorts, ìyẹn ẹ̀ka fídíò kúkurú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé irú fídíò 1:1 báyìí síbẹ̀, tó sì ń retí pé yóò tò mọ́ àwọn fídíò gígùn, Shorts ni yóò bá a.

Ọ̀rọ̀ ibi tí férémù òró ti ń farapamọ́ kì í tán. Férémù 1080×1920 kì í ṣe tiwa tán. Orúkọ ẹni tó gbé e síta, ọ̀rọ̀ àlàyé àti orúkọ orin máa ń bo ìsàlẹ̀, àwọn àmì ọkàn, èsì àti ìpín sì máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Fún ìpolówó orí Reels, ìyẹn fídíò kúkurú Instagram àti Facebook, Meta tó ni àwọn méjèèjì gbani nímọ̀ràn pé kí a fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ ní òkè, ìdá 35 ní ìsàlẹ̀, àti ìdá mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ yẹn nìkan tó píksẹ́lì 672. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kì í ṣe ìpolówó, ìmọ̀ràn náà ni mo ń tẹ̀lé, nítorí pé ààyè tó ní kí a fi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pọ̀ dáadáa. Nínú fídíò aró, ẹnu ìkòkò ni ó fẹ́ kó sí ìsàlẹ̀, nítorí pé aṣọ wà lókè, ìkòkò sì wà nílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ àlàyé bá bo ẹnu ìkòkò, kò sẹ́ni tí yóò rí ibi tí aṣọ ti jáde, gbogbo ìtàn náà á sì dojú rú. A ní láti sún kámẹ́rà sẹ́yìn, kí a tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, títí ẹnu ìkòkò fi gòkè dé àárín férémù, tí ara ìkòkò àti ilẹ̀ nìkan kù sí ìsàlẹ̀. Lójú ẹni tó di kámẹ́rà, àwòrán burúkú ni, ilẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lójú fóònù, ó pé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo fídíò láìtan ohùn, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sára rẹ̀, èdè Yorùbá sì ní ìnira tirẹ̀ níbẹ̀. Nínú férémù ìbú, ìlà kan lè gba nǹkan bí lẹ́tà 40. Nínú òró, bí ọ̀rọ̀ bá tóbi tó kí ó ṣeé kà, ìlà kan kò lè gba ju nǹkan bí 20 lọ. “Afẹ́fẹ́ ló ń pa aṣọ yìí láró lójú yín” di ìlà méjì, ibi tí a bá sì gé e sí ṣe pàtàkì. Mo máa ń fi “Afẹ́fẹ́ ló ń pa” sí òkè, kí “aṣọ yìí láró lójú yín” wà nísàlẹ̀, ẹni tó ń gé fídíò kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pín in fúnra rẹ̀. Ìnira tó le jù èyí lọ ni àmì ohùn. Lẹ́tà bíi “ọ̀” àti “ẹ́” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà, lẹ́tà àti àmì ni wọ́n ń so pọ̀, fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe dáadáa á sì gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Fọ́ǹtì tó wà nínú áàpù fúnra rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé fún èyí. Mo ń lo Noto Sans, mo sì ń kọ “ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n” síbẹ̀ ná láti fi dán an wò. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ààyè púpọ̀ sáàárín ìlà méjì ju ti èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé àmì tó wà lórí ìlà kejì máa ń kọlu àmì ìsàlẹ̀ ìlà kìíní, tí ẹni tó ń kà á kò fi ní mọ lẹ́tà tí àmì náà jẹ́ ti ẹ̀.

Ti WhatsApp ni fídíò kẹrin, ẹ̀dà fídíò aró náà ni, a kàn tún un kọ sí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ọjọ́ ti pẹ́ tí 30 yìí ti jẹ́ ààlà sítétọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti fẹ̀ ẹ́ sí i, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ṣe ẹ̀dà 30 nítorí àwọn tó ní fóònù àtijọ́ àti nítorí dátà. Gbólóhùn tó sọ pé aláró yóò tún un rì bọ inú ìkòkò ni mo yọ kúrò. Kò sí ohun mìíràn tó ṣeé yọ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ìyípadà àwọ̀ náà bàjẹ́. Níwọ̀n bí WhatsApp ti ń fún fídíò pọ̀ kí ó tó rán an, omi tó ń ro láti ara aṣọ máa ń di wúruwùru níbẹ̀. Mo yan àwòrán tí aṣọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ríro dúró láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ewé rẹ̀ ti dín díẹ̀.

Àwọn ibì kan wà nínú sikirípìtì tí mo kọ̀ láti gé. Ìyá sọ bí àwọn fúnra wọn ṣe kọ́ láti mọ̀ bóyá omi eérú ti kan tó, bí wọ́n ṣe ń fi ìka kàn án, tí wọ́n ń tọ́ ọ wò, tí wọ́n sì ń gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, nítorí pé wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń dákẹ́, wọ́n tún ń padà sí i. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa fẹ́ kí a yọ ìṣẹ́jú-àáyá 20 nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ibikíbi tí a bá gé, yóò dà bí ẹni pé ìyá ń fi ìlànà kan ṣoṣo kọ́ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àmì mẹ́ta yẹn gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó bá rí “ẹ tọ́ ọ wò” nìkan lè lọ ki omi eérú bọ ẹnu láìmọ bó ṣe le tó, omi eérú tó le sì lè jó ẹnu. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ìsopọ̀ tó lọ tààrà sí ìṣẹ́jú náà nínú fídíò gígùn ni a fi sí abẹ́ fídíò aró, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i lè gbọ́ ọ ní odidi.

Nípa fífi fáìlì pamọ́, ohun tó ń gba àkókò jù tẹ́lẹ̀ ni títún nǹkan ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ ti lẹ̀ mọ́ àwòrán. Ẹ̀dà tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lára la máa ń kọ́kọ́ gbé jáde fún férémù kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ sì ń sọ ohun tó jẹ́, bíi `aro_9x16_laisi-oro.mov` àti `mapo_1x1_laisi-oro.mov`. Láti ara ìwọ̀nyí ni a ti ń ṣe ti TikTok, ti Reels àti ti Shorts lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A kì í sọ fídíò kalẹ̀ láti orí TikTok kí a tún gbé e sí Instagram, nítorí pé àmì TikTok máa ń wà lára rẹ̀, Instagram sì ti sọ láti 2021 pé fídíò tó bá ní irú àmì bẹ́ẹ̀ kò ní máa tètè dé iwájú àwọn tí kò tíì máa tẹ̀lé wa. Bí oníbàárà bá sì ní kí a tún gbólóhùn kan kọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọ̀rọ̀ nìkan la ó pààrọ̀ lórí ẹ̀dà tó mọ́, a kò ní tún fọwọ́ kan àwọ̀ tàbí ìrìn àwòrán.